Àpótí Òfìfo Nínú Tábìlì: Bí A Ṣe Ń To Èsì Àwọn Olùdíje Síwájú Ara Wọn

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn ará ìlú ní gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.)

Ẹ kú ìjókòó o. Alága ìjókòó wa, mo kí yín. Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, gbogbo yín pátá ni mo kí. Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí, ẹ kú àpéjọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ẹ̀gbá tí ẹ bá wa gbélé, ẹ kú àpéjọ náà.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe lè fi èsì àwọn tó ń dupò wé ara wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó níwájú wa, tí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè, tí a sì ti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Ìgbà tí ẹ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olùdíje kẹ́yìn, kí lẹ rántí níbẹ̀? Ẹ rántí ẹni tó pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ rántí ẹni tí agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ẹ rántí ẹni tó dá orin, tí ẹ sì gbè é. Ó dáa. Kí ni ẹni tó dá orin yẹn sọ nípa owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà? Kí ni ẹni tó jókòó tì í sọ nípa nǹkan kan náà?

Ẹ ti dákẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ní ọdún 1993, kí ìdìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà tó wáyé, ọmọ wa, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, àti Alhaji Bashir Tofa jókòó níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán NTA, wọ́n dáhùn ìbéèrè, gbogbo Nàìjíríà sì wò wọ́n. Títí dòní, àwọn tó wò ó ṣì lè sọ fún yín ẹni tó na ẹnì kejì lọ́rọ̀. Mo ti bi àwọn kan nínú wọn pé kí wọ́n mú kókó kan ṣoṣo, èyí tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sọ ohun tí Abíọ́lá sọ lórí rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí Tofa sọ lórí kókó kan náà. Ojú òrùlé ni wọ́n ń wò. Etí máa ń mú ohùn, ó sì máa ń ju ọ̀rọ̀ nù.

Ìdí nìyẹn tí a fi nílò tábìlì. Ẹ to orúkọ àwọn olùdíje sórí bébà láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ to àwọn kókó ọ̀rọ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ibi tí orúkọ àti kókó bá ti pàdé, àpótí kan wà níbẹ̀, ohun tí ẹni yẹn sọ lórí kókó yẹn la ó kọ sínú rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́, tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ ohun tí ẹnu èèyàn sọ sílẹ̀, mo mọ̀ pé inú àpótí kékeré yẹn ni wọ́n ti máa ń ṣe ojúsàájú láìmọ̀. Nítorí náà, n kò ní sọ̀rọ̀ nípa tábìlì odidi lónìí. Ìlà kan ṣoṣo la jọ máa kọ. Ẹni tó bá mọ ìlà kan kọ dáadáa, yóò mọ ogún kọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: ìbéèrè gan-an

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta gàrí, ṣé ẹ lè fi kóńgò wọn tiyín, kí ẹ fi agolo mílíìkì wọn ti aládùúgbò yín, kí ẹ wá sọ ẹni tí gàrí rẹ̀ pọ̀ jù? Ẹ ò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè. Bí atọ́kùn ètò bá bi ẹni àkọ́kọ́ pé “Ṣé ẹ ó dín owó ọjà kù?”, tó bi ẹnì kejì pé “Kí lẹ rò nípa ìyà tó ń jẹ àwọn ọlọ́jà?”, tó sì bi ẹnì kẹta pé “Ìjọba ìbílẹ̀ yóò ṣe rówó bí ẹ bá dín owó ọjà kù?”, ìbéèrè mẹ́ta nìyẹn. Èsì wọn kò lè wà nínú ìlà kan náà, bó ti wù kí wọ́n jọra tó létí.

Nítorí náà, ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Kí atọ́kùn kà á fún olùdíje kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú ìwé, láìfi iyọ̀ sí i. Bó bá fẹ́ tọ pinpin lẹ́nu ẹnì kan, kó tọ̀ ọ́, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èsì ìtọpinpin kì í wọ inú ìlà, àfi bí wọ́n bá bi gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ ìwé ni ẹ ó kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ìbéèrè tó mú un jáde.

Ohun kejì nípa ìbéèrè ni pé kó jẹ́ ohun tí ipò náà ní agbára lé lórí. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń du. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní àtẹ kan lẹ́yìn, Àtẹ Kẹrin, tó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ibi ìpẹran wà níbẹ̀, gọ́tà àti ìkólẹ̀ wà níbẹ̀, ìtẹ́ òkú pàápàá wà níbẹ̀. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera, ohun tí àtẹ náà sọ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Bí ẹ bá wá bi olùdíje pé “Ṣé ẹ ó gba olùkọ́ tuntun?”, gbogbo wọn ni yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ìlérí tí kò sí lọ́wọ́ ẹni nìkan kì í wúwo lẹ́nu. Gbogbo àpótí inú ìlà yẹn á kún fún “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni”, ẹ ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ìlà tí gbogbo àpótí rẹ̀ bá dọ́gba, ìbéèrè rẹ̀ ló sábà máa ń burú.

Èyí rán mi létí ọ̀rọ̀ owó. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn láti àpò àpapọ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá béèrè pé “Ṣé ẹ fara mọ́ òmìnira ìjọba ìbílẹ̀?”, ta ni yóò ní òun kò fara mọ́ ọn? Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á máa lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì lóṣooṣù. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹni tó máa wúkọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: ohùn tí a gbà sílẹ̀

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹ̀rọ méjì ni kí ẹ fi gba ohùn. Ẹ gbé ọ̀kan sórí tábìlì àwọn olùdíje, kí èkejì wà nítòsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ mọ ariwo jẹnẹrétọ̀ ìlú yìí. Kí atọ́kùn máa dárúkọ olùdíje kó tó dáhùn, nítorí pé bí ẹ bá ń gbọ́ ọ padà lọ́jọ́ kejì, ohùn ọkùnrin méjì máa ń jọra ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń jiyàn lè lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí èèyàn méjì, tí ọ̀kan kò rí ti ẹnì kejì, kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde bó ṣe jáde lẹ́nu. Ibi tí wọn kò bá gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ pé “kò ṣe é gbọ́”. Kí wọ́n má fi ohun tó yẹ kó jẹ́ dí i.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mo fi ń le koko báyìí. Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní ọdún 1858, ọdún kan péré kí Ìwé Ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta wa níbí, àwọn ọkùnrin méjì kan, Abraham Lincoln àti Stephen Douglas, ń du ipò sẹ́nétọ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ìgbà méje ni wọ́n pàdé níwájú ará ìlú láti jiyàn. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan rán akọ̀wé tó mọ ìkọ̀wé ayára lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Lincoln gbé ọ̀rọ̀ Lincoln jáde ní dídán, kò sí “ẹ̀n-ẹ̀n”, kò sí gbólóhùn tó já. Ọ̀rọ̀ Douglas ló rí jágbajàgba níbẹ̀. Ẹ ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Douglas, òdìkejì gẹ́lẹ́ lẹ ó rí. Àwọn ìwé ìròyìn méjèèjì wá ń fẹ̀sùn kan ara wọn pé wọ́n ba ọ̀rọ̀ ọ̀gá àwọn jẹ́. Nígbà tí Lincoln fúnra rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1860, ti ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló lò fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ti ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Douglas ló sì lò fún ọ̀rọ̀ Douglas. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wù tí àwọn èèyàn rẹ̀ rán fún un.

Ẹ kíyè sí i: kò dájú pé àwọn akọ̀wé yẹn ń purọ́. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn máa ń gbọ́ ohun tó ní lọ́kàn, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á sì gbọ́ gbogbo ìkọ́lọ̀lọ̀ rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí àwọn méjì kọ ọ́ nìyẹn, kó sì jẹ́ pé wọn kì í ṣe ará àdúgbò kan náà, bó bá ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ kẹta: ká kọ ìlà kan

Ó ti yá báyìí. Ẹ jẹ́ ká kọ ìlà wa. Àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe o, ẹ má lọ wá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Olùdíje mẹ́rin ló wà: Tíṣà, Kọngílá, Ìyá Oníṣòwò, àti Lọ́yà. Ìbéèrè tí wọ́n ka sí gbogbo wọn létí ni èyí: “Bí ẹ bá di alága, ṣé ẹ ó dín owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́ lọ́jà kù ni, ṣé ẹ ó fi sílẹ̀ bó ṣe wà ni, tàbí ẹ ó fi kún un?” Ìṣẹ́jú méjì péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní.

Tíṣà ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní: “Èmi kò ní fi kún un. Mo fẹ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ tí mo bá wọlé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka iye ṣọ́ọ̀bù àti iye àtẹ tó wà lọ́jà, kí oṣù mẹ́fà kọjá.”

Kọngílá tẹ̀ lé e: “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin lẹ bí wa. Ẹ̀yìn ìyá mi ní Ìtòkú ni mo ti dàgbà, lábẹ́ àtẹ àdìrẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá ń fi owó tíkẹ́ẹ̀tì jẹ yín níyà, Ọlọ́run ń rí i. Ẹ ò ní sunkún nígbà tèmi.” Àtẹ́wọ́ wó gbọ̀ngàn.

Ìyá Oníṣòwò ní: “Èmi fara mọ́ ohun tí Tíṣà sọ. Àwọn tó ń tà nílẹ̀, tí wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù, kò yẹ kí wọ́n san kọ́bọ̀. N óò mú un kúrò lórí wọn. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù lè máa san iye tí wọ́n ń san.”

Lọ́yà ló kẹ́yìn: “Iye owó kọ́ ni wàhálà, bí kò ṣe pé wọ́n ń gbà á láìfún yín ní ríṣíìtì. Nígbà tèmi, ẹni tí kò bá fún yín ní ríṣíìtì kò gbọdọ̀ gba náírà kan lọ́wọ́ yín. Ní ti iye, àwọn kánsílọ̀ ló ń ṣòfin. N kò lè dá a pinnu.”

Ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ hàn yín. Ọ̀dọ́ kan tó já fáfá, tó fẹ́ kí iṣẹ́ tètè parí, á kọ ọ́ báyìí: Tíṣà, yóò dín in kù. Kọngílá, yóò dín in kù. Ìyá Oníṣòwò, yóò dín in kù bíi ti Tíṣà. Lọ́yà, kò ní dín in kù. Ó kúrú, ó mọ́, ó ṣe é fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ẹ sì wò ó, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Tíṣà ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n wọ́n gé gbogbo ohun tó ṣe é dì mú kúrò níbẹ̀. Èèyàn sọ iye, ó sọ ìgbà, ó sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá kọ “yóò dín in kù” nìkan, bó bá dín náírà márùn-ún kù lọ́dún kẹta, ó ti mú ìlérí ṣẹ nìyẹn. Ohun tó yẹ kó wà nínú àpótí rẹ̀ ni: “Yóò dín in kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí wọ́n bá ti ka ṣọ́ọ̀bù àti àtẹ ọjà.” Gbólóhùn kan ni. Kò gùn jù.

Ìyá Oníṣòwò ló máa ń tan èèyàn jẹ jù, láìṣe pé ó fẹ́ tan wá. Ó ní òun fara mọ́ Tíṣà. Ṣé lóòótọ́ ni? Tíṣà fẹ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún gbogbo ọlọ́jà. Màmá fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń tà nílẹ̀, kò sì fẹ́ yọ nǹkan kan fún oníṣọ́ọ̀bù. Fún oníṣọ́ọ̀bù tó ń ka tábìlì yín, àárín àwọn méjèèjì jìn gan-an. Nílẹ̀ Yorùbá, “mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ” jẹ́ ọ̀wọ̀ kí ó tó jẹ́ èrò. Báyìí la ṣe ń wọ inú ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹni tó ṣáájú wa. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé èsì ẹnì kan sínú àpótí ẹlòmíràn nítorí pé ó ní òun fara mọ́ ọn. Ohun tó sọ lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ: “Yóò mú owó náà kúrò pátápátá lórí àwọn tó ń tà nílẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù yóò máa san iye tí wọ́n ń san.” Bí ẹnì kan bá ní òun fara mọ́ ọn, tí kò sì fi ohunkóhun kún un ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: “Ó ní òun fara mọ́ èsì Tíṣà, kò fi nǹkan kan kún un.” Ẹ sì kọ ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn àti ẹni tó tẹ̀ lé e sí òkè ìlà, nítorí pé ẹni tó ṣáájú kò ní ẹni tó lè fara mọ́. Bí ìbéèrè bá pọ̀, kí ẹni tó ń ṣáájú máa yí.

Lọ́yà ni wọ́n fìyà jẹ láìṣẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé kò ní dín in kù. Níbo ló ti sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní iye yẹn, àwọn kánsílọ̀ ló máa pinnu. Ohun tó sọ yẹn kì í ṣe irọ́, nítorí pé owó ọjà jẹ́ ohun tí ìgbìmọ̀ ń ṣòfin lé lórí. Àmọ́ a ò bi í nípa ẹni tó ń ṣòfin. A bi í nípa ohun tó fẹ́. Alága lè gbé àbá lọ síwájú kánsílọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àpótí tirẹ̀ yóò wá ní nǹkan méjì: “Kò sọ bóyá òun fẹ́ kí owó náà dín kù, ó ní kánsílọ̀ ló ń pinnu. Ó ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní gba owó láìfún ọlọ́jà ní ríṣíìtì.” Ẹ má yọ ti ríṣíìtì sílẹ̀ pé a ò béèrè. Ìlérí gidi ni, ó sì ṣe é yẹ̀ wò. Ẹ má sì jẹ́ kó bo àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.

Mo wá fi Kọngílá sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìyá wa, mo rí i tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fẹ́ràn èsì rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá a nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: yóò dín in kù ni, yóò fi sílẹ̀ ni, àbí yóò fi kún un? Ó ní ẹ ò ní sunkún. Ṣé bí owó bá dúró bó ṣe wà, tí ẹ ò sì sunkún, kò tíì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ? Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Lẹ́nu àwọn olóṣèlú wa, ẹṣin ọ̀hún a máa gbé ọ̀rọ̀ sá lọ nígbà mìíràn. Ohun tó yẹ kó wà nínú àpótí Kọngílá ni: “Ó sọ̀rọ̀, kò dáhùn.” Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ ń pẹ̀gàn rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ohun tí ẹ kọ sínú àpótí dára? Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ bo orúkọ mọ́lẹ̀. Ẹ fún ẹni tí kò wá síbi ìpàdé ní gbólóhùn yẹn, kí ẹ sì bi í pé: “Bí ẹni yìí bá wọlé, lẹ́yìn ọdún kan, kí la máa lọ wò lọ́jà láti mọ̀ bóyá ó ṣe ohun tó sọ?” Fún Tíṣà, á ní ẹ lọ wo iye tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Fún Ìyá Oníṣòwò, á ní ẹ lọ bi àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ nílẹ̀. Fún Lọ́yà, ẹ lọ wo ríṣíìtì. Bó bá jẹ́ “ẹ ò ní sunkún” lẹ kọ, á wo ojú yín, ẹ̀yin náà á sì wo ojú rẹ̀. Àpótí tí kò bá yege ìdánwò yìí, ẹ padà lọ gbọ́ ohùn náà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú jù, ó sì lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: òfìfo kò dọ́gba

Inú èèyàn kì í dùn sí àpótí òfìfo. Ó máa ń dà bíi pé iṣẹ́ ò tíì parí. Ibi tí wọ́n ti ń ba tábìlì jẹ́ nìyẹn: wọ́n á lọ wá ohun tí olùdíje sọ lórí rédíò ní oṣù tó kọjá, wọ́n á fi dí i. Àwọn yòókù dáhùn láàárín ìṣẹ́jú méjì, níwájú ẹni tó ń bá wọn dù ú, lórí ìbéèrè kan náà. Òun nìkan lẹ wá fún ní èsì tó ti rò dáadáa nílé. Bí ẹ bá fẹ́ lo ti rédíò, ẹ ṣe tábìlì mìíràn fún gbogbo wọn.

Ẹ má sì fi àmì kan náà sí gbogbo òfìfo. Ẹni tí a bi tí kò dáhùn yàtọ̀ sí ẹni tí àkókò tán tí wọn ò tíì bi. Ẹni tí iná lọ nígbà tó ń dáhùn, ohùn rẹ̀ ni kò ṣe é gbọ́; ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ló kùnà, kì í ṣe òun. Ẹni tí kò wá rárá tún yàtọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ṣe ètò ìjíròrò fún àwọn tó ń du ipò Ààrẹ ní Àbújá, Ààrẹ Buhari kò wá. Alhaji Atiku Abubakar dé ibẹ̀, ó gbọ́ pé Buhari kò sí níbẹ̀, ó sì padà. Àwọn mẹ́ta yòókù, Ezekwesili, Moghalu àti Durotoye, jókòó, wọ́n dáhùn. Ẹni tó bá ṣe tábìlì ọjọ́ yẹn yóò kọ “kò wá” fún ẹnì kan, yóò sì kọ “ó wá, kò dúró” fún ẹnì kejì. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí tí ó fi ṣẹlẹ̀, kí àwọn olùkàwé fúnra wọn jiyàn lé e lórí.

Ní ilẹ̀ Jámánì, láti ọdún 2002, wọ́n ní irú tábìlì báyìí tí wọ́n ń pè ní Wahl-O-Mat. Gbólóhùn méjìdínlógójì (38) ni wọ́n máa ń gbé síwájú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sọ bóyá ó fara mọ́ ọn, kò fara mọ́ ọn, tàbí pé kò sí lápá kan, á sì kọ ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dára gan-an, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ló ń jókòó kọ ọ́ ní ọ́fíìsì, nítorí náà òfìfo kì í pọ̀ níbẹ̀. Tiwa, láti ẹnu ni. Ẹnu a sì máa fi nǹkan hàn tí bírò lè bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: nígbà tí wọ́n bá wá bá yín

Wọ́n á wá. Kí ẹ tó lẹ tábìlì mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo olùdíje lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ kan náà láti fèsì. Ohun tí ẹ ń bi wọ́n ni pé: ṣé ohun tí ẹ sọ nìyí? Ẹ ò bi wọ́n pé: kí lẹ ì bá ti sọ?

Aṣojú Kọngílá ló máa kọ́kọ́ dé, mo fi dá yín lójú. Á mú lẹ́tà lọ́wọ́ pé ọ̀gá òun ní òun yóò dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù ní ìdajì, kí ẹ yọ “kò dáhùn” kúrò. Bóyá ẹ̀gbọ́n yín ni, bóyá ẹ jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ fún un ní àga. Ẹ wá ṣàlàyé fún un pé àpótí yẹn jẹ́ ti ohun tó wáyé nínú gbọ̀ngàn, ẹ sì gbé ohùn ọ̀gá rẹ̀ sí i létí kó gbọ́. Lábẹ́ tábìlì, ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ tí ẹ máa pè ní “Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpàdé”, kí ẹ kọ ìdajì tó sọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Kí ẹ fún àwọn mẹ́ta tó kù ní àyè kan náà níbẹ̀, kódà bí wọn kò bá ní nǹkan kan láti fi sí i.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, tí Tíṣà ní oṣù mẹ́fà tí ẹ kọ oṣù mẹ́wàá, ẹ gbọ́ ohùn náà papọ̀ pẹ̀lú aṣojú ẹnì kan mìíràn nínú àwọn olùdíje, ẹ tún un kọ, ẹ sì fi ọjọ́ tí ẹ tún un kọ sí i. Tábìlì tí wọ́n tún kọ ní gbangba kì í tini lójú bíi ti èyí tí wọ́n pààrọ̀ lóru.

Àkókò tí wọ́n fún mi ti tán, mo sì rí i tí alága ń wo aago. Màmá tó wé gèlè aláwọ̀ ewé lẹ́yìn yẹn ti nawọ́ sókè látìgbà tí mo ti dárúkọ Lọ́yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé gbohùngbohùn fún wọn, kí wọ́n bi mí ní tiwọn.